Aboyún àti abọ́ mẹ́rin inú fíríìjì

  

Oyún inú mi ti wọ oṣù keje, ìkejì mi sì nìyí. Ìmọ̀ nípa oúnjẹ ni mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama níbí ní Sábóngàrí. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin àdúgbò fi máa ń kan ilẹ̀kùn mi. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí jù ni ti oúnjẹ àná: "Àǹtí, ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì o, ṣé mo lè jẹ ẹ́ pẹ̀lú ikùn yìí?" Ẹlòmíràn á mú wàrà wá. Ẹlòmíràn á ní ọkọ òun ra ẹran tí wọ́n ti gé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ láti ṣúpámákẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń fi sáàárín búrẹ́dì. Mo ní kí n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá máa kà á kà á.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Màmá, ìyá ọkọ mi, tó wá láti Ọ̀ffà láti dúró tì mí. Bí Màmá ṣe ń yẹ oúnjẹ wò nìyí: á ṣí abọ́, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á wò ó bóyá ó ń fà bí ilá, á wá fi ìka kan tọ́ ọ wò. Bí kò bá ti kan, ó dáa nìyẹn. Mi ò lè sọ pé ọ̀nà yẹn ò wúlò. Òun ni wọ́n fi tọ́ ọkọ mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà. Oúnjẹ tó ti bàjẹ́, imú máa ń mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kòkòrò tó ń ba oúnjẹ jẹ́ yàtọ̀ sí kòkòrò tó ń pa ọmọ inú. Èyí tó ń mú kí ọbẹ̀ kan kì í sábà pa èèyàn. Èyí tó léwu fún aboyún kì í mú kí oúnjẹ rùn, kì í yí àwọ̀ rẹ̀ padà, kì í sì í yí adùn rẹ̀ padà.

Lísítéríà ni wọ́n ń pè é. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, àti inú ìgbẹ́ màlúù, nínú omi, àti lára ewébẹ̀. Ojú lásán ò lè rí i. Ohun méjì ló mú un yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èkíní, òtútù fíríìjì kì í dá a dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò yòókù máa ń sùn tí wọ́n bá ti wọ inú òtútù. Òun ò sùn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, kódà ní dígírì 4 tó yẹ kí fíríìjì wà. Iyọ̀ náà kì í tètè bá a jà. Nítorí náà, oúnjẹ tó lo ọjọ́ kan nínú fíríìjì àti èyí tó lo ọjọ́ márùn-ún kì í ṣe ọ̀kan náà, bí fíríìjì ọ̀hún tilẹ̀ ń tutù bíi yìnyín. Èkejì, ó lè gba inú ẹ̀jẹ̀ ìyá kọjá sínú ibi ọmọ, kó sì ràn mọ́ ọmọ nínú ilé tó wà. Àwa ìyá lè má mọ̀ ju ibà díẹ̀ àti ara ríro lọ. Ọmọ inú ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Oyún lè wálẹ̀, ọmọ lè kú sínú, a lè bí i láìpé oṣù, tàbí kó dé ayé pẹ̀lú àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ àti ti ọpọlọ.

Àìsàn yìí ò wọ́pọ̀ o, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin bá lóyún, ara rẹ̀ máa ń dẹ ìjà sílẹ̀ díẹ̀ kó má baà kọ ọmọ tó wà nínú rẹ̀, ó kéré tán ó sì fi ìlọ́po mẹ́wàá rọrùn fún Lísítéríà láti mú un ju àgbàlagbà mìíràn tí ara rẹ̀ le lọ. Ìyẹn ni ọkọ mi ṣe lè jẹ oúnjẹ kan, kó máa rẹ́rìn-ín lọ síbi iṣẹ́, kí oúnjẹ yẹn kan náà sì di wàhálà fún èmi.

Bí ẹnì kan bá sì ń rò pé àìsàn òyìnbó ni, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2017 sí 2018. Àwọn tó lùgbàdì rẹ̀ lé ní 1,000, àwọn tó kú lé ní 200, àwọn ọmọ tuntun tí wọn ò tíì pé oṣù kan ló sì pọ̀ jù lára wọn. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ dópin, pólónì ni wọ́n bá nídìí ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ẹran lílọ̀ tí wọ́n dì bíi sọ́séèjì ńlá, tí wọ́n máa ń gé pẹlẹbẹ jẹ ní tútù. Ilé iṣẹ́ ti sè é jiná. Lẹ́yìn tó jiná ni kòkòrò kó sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn dání: lẹ́yìn tó jiná. Ibẹ̀ ni gbogbo àlàyé mi dá lé.

Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá kí n jẹ ohun kan, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ara mi. Lẹ́yìn tí iná kúrò lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ta tàbí ọ̀bẹ ta ló kàn án? Wákàtí mélòó ló lò nínú ooru kó tó wọ inú òtútù, ọjọ́ mélòó ló sì ti lò níbẹ̀? Iná tún máa kàn án kó tó dé ẹnu mi, àbí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa jẹ ẹ́? Ẹ jẹ́ kí n fi fíríìjì tèmi ṣe àpẹẹrẹ, bó ṣe rí ní ọjọ́ Túsìdeè kan láìpẹ́ yìí. Ìkómọ wáyé ní agbo ilé wa lọ́jọ́ Sátidé, nítorí náà fíríìjì kún. Abọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tí mo ní láti dájọ́ fún.

Abọ́ kìíní ni ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù láti ibi ìkómọ. Aago márùn-ún ìdájí Sátidé ni wọ́n ti sè é. Wọ́n rọ ọ́ sínú kúlà ńlá, ibẹ̀ ló wà títí wọ́n fi pín tiwa fún wa ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ìrẹsì inú kúlà kì í tètè tutù. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Tí oúnjẹ bá ń jóni lọ́wọ́, kòkòrò ò lè pọ̀ níbẹ̀. Tó bá tutù rinrin, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á sùn. Èyí tó wà lọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò gbóná tí kò tutù, ni ibùsùn wọn. Ìrẹsì sì ní kòkòrò tirẹ̀, yàtọ̀ sí Lísítéríà. Bàsílọ́ọ̀sì ni orúkọ rẹ̀. Ó ní irú èèpo líle kan tó máa ń wọ̀ sí, tí omi híhó ò fi lè pa á. Ìrẹsì á jiná, òun á ṣì wà láàyè. Tí ìrẹsì bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀, á jí, á bí sí i, á sì tu májèlé sínú ìrẹsì. Májèlé yẹn, iná ò lè mú un kúrò. A lè gbé e ka iná lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa rú èéfín, májèlé ṣì wà níbẹ̀. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà tí èèyàn bá jẹ ẹ́, èébì á bẹ̀rẹ̀. Kì í wọ inú ọmọ bíi ti Lísítéríà, ṣùgbọ́n aboyún tó ń bì tó sì ń yàgbẹ́ nínú ooru Kánò, tí omi ara rẹ̀ ń gbẹ, kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ.

Mo da ìrẹsì yẹn nù. Màmá dìde. "Ìyàwó mi, ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà ọ́? Ìrẹsì tí wọ́n ń rà ní owó iyebíye ní ọjà Sábóngàrí lo dà nù yẹn? Kí ló dé tó ò gbé e kaná?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú mà. Ká ní alẹ́ Sátidé ni wọ́n sè é tó sì tètè wọ fíríìjì, mi ò bá gbé e kaná lóòótọ́. Ohun tó wà nínú èyí, iná ò kápá rẹ̀." Màmá ò dá mi lóhùn. Ó kàn mú ìkòkò, ó lọ fọ̀ ọ́.

Abọ́ kejì ni ọbẹ̀ ata àti ẹran màlúù tí èmi fúnra mi sè lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Ìtàn tirẹ̀ yàtọ̀. Bó ṣe jiná ni mo bù ú sínú abọ́ pẹlẹbẹ mẹ́ta, tí ọbẹ̀ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ga ju ìka méjì tí a fi dábùú lọ. Mo gbé àwọn abọ́ náà sínú báàsì omi tútù, kí wọ́n lè tètè tutù. Kò pé wákàtí kan tí mo fi dé wọn tí mo sì kó wọn sínú fíríìjì. Ìkòkò ńlá tó kún fún ọbẹ̀, tí èèyàn gbé gbóná gbóná sínú fíríìjì, àárín rẹ̀ lè gbóná di ọ̀gànjọ́ òru, kó tún máa mú àwọn oúnjẹ tó yí i ká gbóná. Òfin tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí oúnjẹ má lò ju wákàtí méjì lọ níta. Tí ojú ọjọ́ bá sì ti kọjá dígírì 32, kó má ju wákàtí kan lọ. Níbí, láti oṣù Mááṣì di May, wákàtí kan ni gbogbo wa ní.

Ní Túsìdeè, ọbẹ̀ yẹn ti lo ọjọ́ méjì. Wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè láti aago mẹ́wàá àárọ̀ di aago kan ọ̀sán, ẹnikẹ́ni ò sì ṣí fíríìjì. Fíríìjì tí a kò ṣí lè pa òtútù rẹ̀ mọ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Nítorí náà ọbẹ̀ náà ṣì wà láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tí a lè fi ọbẹ̀ sínú fíríìjì gidi. Mo bu ìwọ̀nba tí mo fẹ́ jẹ sínú ìkòkò kékeré, mo sì jẹ́ kó hó kútúkútú, mo ń rò ó kí ìsàlẹ̀ àti àárín rẹ̀ lè gbóná bákan náà. Mo gé ẹran tó tóbi jù sí méjì láti wò ó bóyá èéfín ń jáde nínú rẹ̀. Lísítéríà kì í fara da iná. Dígírì 70 fún ìṣẹ́jú méjì ti tó láti pa á, ọbẹ̀ tó ń hó sì ti kọjá ibẹ̀ dáadáa. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Ohun tí mi ò ní ṣe ni kí n bù nínú rẹ̀ ní tútù, tàbí kí n yá a lórí iná díẹ̀ kí n sì jẹ ẹ́ ní lọ́wọ́ọ́wọ́, tàbí kí n dá àjẹkù inú àwo padà sínú abọ́.

Abọ́ kẹta ni wàrà, òun ló sì le jù fún èmi tí mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà, nítorí ó ń da àwọn àlejò láàmú níbí. Tí Haúsá bá pè é ní àwàrà, ti ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti wàrà màlúù. Wàrà tí àwa mọ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin, wàrà àwọn Fúlàní, wàrà mílíìkì màlúù ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ pé kí aboyún má jẹ wàrà rárá, nítorí pé àwọn òyìnbó ń kìlọ̀ nípa wàràkàsì rírọ̀. Ìkìlọ̀ tiwọn tọ́, nítorí pé wàràkàsì rírọ̀ míràn wà tí wọ́n ń fi mílíìkì tútù tí kò rí iná ṣe. Wàrà Fúlàní ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: obìnrin Fúlàní á gbé mílíìkì kaná, á fún omi ewé bomubomu sí i, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní túmfáfíyà, á sì jẹ́ kó máa gbóná títí á fi hó, tí mílíìkì á dì, tí omi rẹ̀ á sì yọ sọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré, wàrà náà ti jiná. Lísítéríà tó bá wà nínú mílíìkì ti kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ẹ̀yìn iná. Ọwọ́ ló ń yọ ọ́ nínú apẹ̀rẹ̀. Omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí ń wà nínú igbá láti òwúrọ̀ di alẹ́, nínú oòrùn. Oníbàárà á na ọwọ́, á fẹ́ wo bó ṣe rọ̀ tó. Eṣinṣin ò sì gbẹ́yìn. Kí wàrà tó rọ̀, tó tutù, tí kò fi bẹ́ẹ̀ kan, máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi bẹ́ẹ̀, kòkòrò ò lè rí ibi tó dára tó ibẹ̀. Tó bá wá wọ fíríìjì mi, Lísítéríà tó bá ti kó sí i lọ́jà á máa pọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kòkòrò mìíràn tó ń ti ara ọwọ́ wá sì lè ti tu májèlé sí i nígbà tó wà nínú oòrùn, irú májèlé tí iná ò lè pa. Nítorí náà, wàrà tó ti lo ọjọ́ mélòó kan, tí èèyàn bá dín in, Lísítéríà á kú, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ pé ó mọ́.

Wàrà tó wà nínú fíríìjì mi, alẹ́ Sọ́ńdè ni Màmá rà á fún mi. Ẹni tó tà á sọ fún un pé Sátidé lòun ṣe é. Ìyẹn ni pé tí a bá fi máa di Túsìdeè, ó ti di ọjọ́ kẹta, odidi ọjọ́ kan ó lé nínú rẹ̀ ló sì lò nínú igbá. Mi ò jẹ ẹ́, mi ò sì jẹ́ kí ọmọ mi jẹ ẹ́. Màmá ní, "Ṣé o ò ní jẹ wàrà mọ́ títí o fi máa bímọ ni?" Mo ní, "Màá jẹ ẹ́ o, Màmá." Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mo máa ń lọ ra á ní òwúrọ̀, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Tí mo bá délé, màá da omi rẹ̀ nù, màá gé e sí wẹ́wẹ́, màá sè é nínú omi oníyọ̀ tuntun tó ń hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n tó dín in nínú òróró gbígbóná. Ọjọ́ yẹn gan-an la máa jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n kí n máa mú wàrà funfun láti inú igbá, kí n máa jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń ṣe nígbà tí mo wà ní ọmọge, ó di ẹ̀yìn ìkúnlẹ̀. Núnù tí wọ́n fi ń po fúrà náà, tí kì í rí iná rárá, ó di ẹ̀yìn ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú.

Abọ́ kẹrin, ọkọ mi ló ni ín. Páálí pólónì ni, tí wọ́n ti gé pẹlẹbẹ. Ó ṣí i lọ́jọ́ Fúráìdeè láti fi ṣe búrẹ́dì fún ọmọ wa. Ó ní, "Wo ọjọ́ tó wà lára ẹ̀, oṣù tó ń bọ̀ ló ń sọ. Kí ló wá ń bà ọ́ lẹ́rù?" Ọjọ́ yẹn, mo ṣàlàyé fún un, fún èyí tí a kò tíì ṣí ni. Láti ìgbà tí ọ̀bẹ tàbí ọwọ́ bá ti wọ inú rẹ̀, kàlẹ́ńdà tuntun ti bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún péré, ìyẹn náà nínú fíríìjì tí kì í gbóná. Fíríìjì wo ló wà ní àdúgbò yìí tí kì í gbóná?

Fún aboyún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kódà ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, mi ò ní jẹ ẹ́ ní tútù. Ẹ rántí Gúúsù Áfíríkà: inú páálí tí a kò ṣí ni kòkòrò ti wà níbẹ̀. Ẹran yìí ti jiná ní ilé iṣẹ́, wọ́n wá gé e pẹ̀lú ẹ̀rọ, wọ́n dì í, ó lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú òtútù, ọkọ̀ gbé e láti Èkó wá sí Kánò. Kò sí iná kankan mọ́ láàárín ẹ̀rọ yẹn àti ẹnu èèyàn. Tí àyà rẹ̀ bá ń fà mí gan-an, màá ṣí tuntun, màá dín in nínú páànù títí á fi máa rú èéfín, màá sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Èyí tó ti lo ọjọ́ mẹ́rin yẹn, a gbé e jùnù. Mo tún fi omi gbígbóná àti ọṣẹ nu ibi tó wà nínú fíríìjì, nítorí omi ara rẹ̀ ti kán sórí pẹpẹ, Lísítéríà sì máa ń dúró sí irú ibẹ̀ de oúnjẹ mìíràn.

Nínú abọ́ mẹ́rin, ẹyọ kan ni mo jẹ. Mo mọ̀ pé ìyẹn dun Màmá, ó sì yẹ kó dùn ún. Lásìkò yìí, ta ló lówó oúnjẹ tó ń dà nù? Nítorí náà, ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé kí a má máa jẹ́ kó dé ibi dídànù. Ní báyìí, tí a bá gba oúnjẹ ayẹyẹ, a máa ń jẹ ẹ́ ní gbígbóná lọ́jọ́ náà, tàbí kí a fún aládùúgbò tó máa jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tí mo bá se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ti ọjọ́ méjì nìkan ló ń wọ fíríìjì. Ìyókù, mo máa ń dì í sí abọ́ kéékèèké tó tó ẹnì kan jẹ, kó lọ sínú fírísà lọ́jọ́ tí mo sè é gan-an. Nínú dídì, Lísítéríà ò kú, ṣùgbọ́n kò lè pọ̀ sí i mọ́. Tí mo bá yọ ọ́, orí iná ló ń lọ tààrà.

Iná mànàmáná ló kù. Bí iná bá lọ tó sì tún dé nígbà tí a ò sí nílé, gbogbo nǹkan á ti tutù padà, a ò sì ní mọ̀ pé ó ti yọ́ rí. Ọgbọ́n kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ bu omi sínú ife, ẹ gbé e sínú fírísà kó dì gbagidi. Ẹ wá gbé òkúta kékeré kan tó mọ́ lé orí yìnyín náà, kí ẹ sì fi í síbẹ̀. Tí ẹ bá ti ìrìn àjò dé tí òkúta ṣì wà lókè, fírísà ò yọ́. Tó bá ti rì sí àárín tàbí sí ìsàlẹ̀ ife, omi ti fìgbà kan yọ́, ẹran àti ọbẹ̀ tó wà níbẹ̀ náà sì ti yọ́ kó tó tún dì. Aboyún ò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan ìyẹn. Fírísà tó kún, tí a ò ṣí, lè dúró fún nǹkan bíi ọjọ́ méjì. Èyí tó kún dé ìdajì lè lo ọjọ́ kan. Fún fíríìjì fúnra rẹ̀, ẹ ra tẹmómítà kékeré sínú rẹ̀ tí ẹ bá rí i, kí ẹ máa wò ó bóyá kò kọjá dígírì 4 sí 5.

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí ló mú mi kọ gbogbo èyí tó ṣáájú. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, obìnrin kan ní òpópónà wa, ọmọ ìlú wa, ní ibà nígbà tí oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ. Ara ń ro ó, ẹ̀yìn ń dùn ún. Wọ́n ní ibà ẹ̀fọn ni, wọ́n fún un lóògùn ibà, ó lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ ò yí nínú rẹ̀ mọ́. Títí dòní, a ò mọ ohun tó pa ọmọ náà, nítorí pé kò sí ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wò ó. Mi ò sọ pé Lísítéríà ni o. Ohun tí mò ń sọ ni pé, tó bá tilẹ̀ jẹ́ òun ni, kò sí bí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin aboyún ilé àti ẹ̀yin ọkọ wọn, tí ibà bá dé, tí ara bá ń gbóná, tí iṣan ń ro, tàbí tí inú ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn ní tòótọ́, nítorí òun náà lè pa ọmọ inú. Tí àyẹ̀wò bá ní kò sí ibà ẹ̀fọn, tàbí tí oògùn ibà ò bá ṣiṣẹ́, ẹ má kàn padà sílé. Ẹ sọ fún dókítà pé, "Mo jẹ wàrà," tàbí "Mo jẹ pólónì," kí ẹ sì sọ ọjọ́ tó jẹ́. Kí ẹ má wo oúnjẹ àná nìkan o, nítorí Lísítéríà lè lo ọ̀sẹ̀ kan, méjì, kódà ju oṣù méjì lọ kó tó fara hàn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n sì fi sílẹ̀ láti wò ó bóyá kòkòrò á hù nínú rẹ̀, nítorí ọ̀nà tí wọ́n fi ń rí i nìyẹn. Oògùn rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ampisílíìnì tí wọ́n ń gún sínú iṣan ni dókítà sábà máa ń lò, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gba ọmọ inú là tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ má lọ ra á fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, nítorí iye tó yẹ àti ọjọ́ tó yẹ kì í ṣe ohun tí à ń méfò.

Ẹni tó bá sì ti jẹ wàrà ọjọ́ mẹ́ta lánàá, tí ara rẹ̀ le, tí kò ní ibà, kó má sunkún. Kò sí oògùn tó yẹ kó lò. Kó kàn máa ṣọ́ ara rẹ̀ fún oṣù méjì tó ń bọ̀, kó sì rántí ọjọ́ tó jẹ ẹ́.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ipò yìí pẹ̀lú mi, a ó gbóhùn ìyá, a ó sì gbóhùn ọmọ. Tọ̀túntòsì á máa bá wa yọ̀.